Omi tútù ń ta eyín mi, kí n tó ka ẹẹ́ta ó ti lọ. Kí ló fà á?

Òwúrọ̀Kùtù
Ẹ kú ilé o. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ 3 báyìí tí omi tútù ti ń bá eyín mi jà. Apá òsì nísàlẹ̀ ni, lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Bí mo bá gbé omi inú fíríìjì sẹ́nu, á ta mí wàì bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún mi, á sì lọ títí dé abẹ́ etí. Kí n tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó ti lọ ráúráú, àfi bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ohun gbígbóná kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo ń fi apá ibẹ̀ jẹun, kò dùn mí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé eyín kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti dí ihò rẹ̀ ní ọdún 4 sẹ́yìn. Mo rò pé òun ló tún ti ń jẹrà lábẹ́ ohun tí wọ́n fi dí i. Ìyá mi ní kí n má wulẹ̀ kà á sí, pé ìrora tó bá ti lè lọ fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ta ló tọ̀nà nínú àwa méjèèjì?

Ìyá Ìbejì
Akokoro ni, ọmọ mi. Eyín kì í ṣàdédé ta èèyàn. Bó bá ti ń ta yín, iṣan inú rẹ̀ ti ṣí síta nìyẹn, kò sì sóògùn mìíràn ju kí wọ́n yọ ọ́ lọ. Kí ẹ tó ráyè lọ, ẹ máa fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ oníyọ̀ yọ́ ẹnu. Ohun tí èmi náà ń ṣe nìyẹn, torí tíì gbígbóná ló ń bá eyín tèmi jà ní tiwa, omi tútù ò ṣe é ní nǹkan kan.

Ọmọ Ọlọ́kọ̀
Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti wú, ẹ má fi nǹkan gbígbóná tẹ̀ ẹ́ o! Ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ wú débi pé kò lè la ojú kan. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ kíákíá.

Gbólóhùn Kan
Ọmọ Ọlọ́kọ̀, ta ló sọ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú?

Ọmọ Ọlọ́kọ̀
Háà, ẹ má bínú. Orí ìbéèrè nìkan ni mo kà, mo ti sáré dáhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi ò kúkú burú.

Abánifọyín
Ọdún 19 ni mo fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga dókítà eyín, èmi ni mo máa ń gba aláìsàn sílẹ̀, tí mo sì máa ń fọ eyín fún wọn. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ dá mi lóhùn, Òwúrọ̀Kùtù:

Ṣé ó ti ta yín rí láìjẹ́ pé nǹkan kan kàn án, bóyá nígbà tí ẹ jókòó jẹ́ẹ́? Ṣé ó ti jí yín lójú oorun? Bí ẹ bá géyín mọ́ nǹkan líle, tí ẹ wá tú eyín sílẹ̀, ṣé ó máa ń ta yín ní ìgbà títú yẹn? Ṣé ẹ lo oògùn tó ń sọ eyín di funfun láìpẹ́ yìí, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ eyín yín nílé ìwòsàn? Ṣé ó dá yín lójú pé eyín tí wọ́n dí yẹn gan-an ló ń ta yín?

Mo béèrè èyí tó gbẹ̀yìn torí pé ẹran inú eyín kò mọ bí a ṣe ń júwe ara rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fọwọ́ sọ̀yà pé eyín òkè ni, ti ìsàlẹ̀ ló padà já sí.

Òwúrọ̀Kùtù
Ẹ ṣeun gan-an. Kò ta mí rí láìjẹ́ pé nǹkan tútù kàn án. Mo ń sùn dáadáa. Mo géyín mọ́ nǹkan líle lánàá nítorí ìbéèrè yín, kò sí nǹkan kan, ì báà jẹ́ nígbà gígé tàbí nígbà títú. N kò lo oògùn kankan, wọn ò sì fọ eyín fún mi láti bí ọdún kan. Eyín wo gan-an? Ká sọ òótọ́, mo kàn gbà pé èyí tí wọ́n dí ni, torí òun ni mo mọ̀ pé ó ti ní àléébù tẹ́lẹ̀.

Abánifọyín
Ẹ jẹ́ ká wá a rí. Ẹ mú yìnyín kékeré kan nínú fíríìjì, ẹ fi aṣọ mímọ́ wé e kí ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ku síta. Ẹ dúró níwájú dígí. Èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kàn, kí ẹ wá máa bọ̀ níwájú lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti iwájú bẹ̀rẹ̀, omi tó ń yọ́ á ṣàn dé ẹ̀yìn, ẹ ò sì ní mọ èwo ló ń ké mọ́. Ìdí eyín ni kí ẹ fi kàn, níbi tó ti pàdé erìgì, ní ìhà ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá ti ta yín, ẹ gbé e kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì máa kà. Ẹ sinmi díẹ̀ kí ẹ tó bọ́ sí ìkejì.

Ẹ dán apá ọ̀tún wò náà. Eyín tó lera náà mọ òtútù, ẹ ò lè mọ èyí tó ń ṣe àṣejù bí ẹ ò bá mọ bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe.

Ìyá Ìbejì, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín o, ọ̀rọ̀ yín wà lọ́kàn mi. Ìgbà wo ni tíì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín jà?

Ẹyẹ Òkín
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí Òwúrọ̀Kùtù má bàa tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ yìí gẹ́lẹ́ ni tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀. Omi tútù, wàì, ó tán. Mo ní kò sí ìyọnu. Lẹ́yìn bí oṣù mélòó kan, mo ṣàkíyèsí pé bó bá ta mí, kì í tètè lọ mọ́. Mo lè ti gbé ife sílẹ̀, kí n ti máa ṣe nǹkan mìíràn, kó ṣì máa ro mí kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ohun gbígbóná wá ń dá a sílẹ̀. Ó wá di òru. Bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í lù bí ìlù. Nígbà tó yá, omi tútù tó ń ta á tẹ́lẹ̀ ló wá di oògùn rẹ̀. Mo máa ń gbé omi yìnyín sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Lọ́jọ́ kan, ó dákẹ́. Pátápátá. Mo dúpẹ́ títí. Oṣù 4 lẹ́yìn náà ni nǹkan bí eéwo kékeré yọ lójú erìgì, tó ń sun ọyún. Dókítà ní eyín ti kú tipẹ́, pé ọyún inú rẹ̀ ló ń wá ọ̀nà àbájáde. Ìgbà 2 ni mo lọ kí wọ́n tó fọ inú gbòǹgbò rẹ̀ tán.

Gbólóhùn Kan
Ìdákẹ́jẹ́ òkú.

Òwúrọ̀Kùtù
Ẹyẹ Òkín, ẹ ti kó jìnnìjìnnì bò mí.

Mo ti dán yìnyín wò, ẹ̀yin Abánifọyín. Èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá mọ òtútù, kò dùn mí. Èyí tí wọ́n dí náà, bákan náà, ó kàn tutù ni. Èyí tó wà níwájú rẹ̀, tí mi ò fura sí rárá, tí kò ní ihò kankan, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi fò sókè! Mo gbé yìnyín kúrò, mo kà dé 3, ó ti tán. Mo tún un ṣe nírọ̀lẹ́, 3 náà ni. Àwọn ti apá ọ̀tún kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo wá fi èékánná fa ìdí rẹ̀ wò. Nǹkan kan bí àmì àáké lára igi wà níbẹ̀, èékánná mi há sí i. Erìgì ibẹ̀ náà ti fà sísàlẹ̀ díẹ̀, ibi tó ṣí sílẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú ju òkè eyín lọ.

Abánifọyín
Ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń di búrọ́ọ̀ṣì mú, àbí? Tí búrọ́ọ̀ṣì yín sì le?

Òwúrọ̀Kùtù
Ta ló sọ fún yín?

Abánifọyín
Eyín yín ni. Mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ ọlọ́wọ́ ọ̀tún pé apá òsì ni wọ́n ti máa ń fi gbogbo agbára gbo ó, níbi tí ọwọ́ ti rọrùn jù láti fà síwá sẹ́yìn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Èèpo funfun líle tó bo orí eyín kò ní iṣan ìmọ̀lára kankan. Ẹ lè fi yìnyín nù ún láti àárọ̀ dalẹ́. Àmọ́ èèpo yẹn kò dé gbòǹgbò. Ó tán níbi ìdí eyín, erìgì ló sì ń bá a bo ìyókù. Bí erìgì bá fà sẹ́yìn, tí búrọ́ọ̀ṣì sì ń ha ibẹ̀, ara eyín tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú yẹn á yọ síta. Ara yẹn kì í ṣe òkúta gbọingbọin. Ihò tín-ín-rín ló kún inú rẹ̀, tí ojú lásán ò lè rí. Ibi tó fẹ̀ tó mìlímítà 1 níbùú lóròó lè ní ihò bí 20,000. Omi wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó sì já sọ́dọ̀ ẹran inú eyín níbi tí iṣan ìmọ̀lára wà.

Nígbà tí òtútù bá kàn án lójijì, omi inú ihò yẹn á súnkì, á sì fà síta. Fífà yẹn ni iṣan ń gbọ́. Iṣan tó ń gbọ́ ọ sì jẹ́ èyí tó yára, tó ń jẹ́ ìpè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tó sì ń dákẹ́ bí ohun tó ń fà á bá ti dúró. Ìdí nìyẹn tó fi ń ta wàì, tó sì ń tán wàì. Ará Súwídìn kan, Martin Brännström, ló ṣe iṣẹ́ ìwádìí tó fìdí àlàyé yìí múlẹ̀ ní àwọn ọdún 1960.

Irú iṣan kejì wà, tó lọ́ra, tó jẹ́ pé inú ẹran eyín lọ́hùn-ún ló wà. Òun kì í dá sí fífà omi lásán. Ìgbà tí ẹran náà bá ti wú tí kò sì ráyè wú sí, torí pé ara eyín líle ló yí i ká, nìgbà tirẹ̀. Òun ló ń ro èèyàn kẹ̀kẹ̀kẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, òun ni ohun gbígbóná ń jí. Ohun tó ṣe Ẹyẹ Òkín nìyẹn.

Aríwísí
Mo fẹ́ dá sí i. Ní 2021 àwọn onímọ̀ kan gbé e jáde pé èròjà kan wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ sábẹ́ ara eyín, tí wọ́n ń pè ní TRPC5, tó ń mọ òtútù fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi tó ń fà nìkan.

Abánifọyín
Òótọ́ ni, mo gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì máa ṣẹlẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n lójú aláìsàn, kò yí nǹkan kan padà: ibi tó ṣí sílẹ̀ la máa dí.

Aríwísí
Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n béèrè èyí tó ṣe pàtàkì jù, nígbà náà. Ṣé ka ẹẹ́ta kó lọ yìí ti tó láti sọ pé kò sí akokoro? Torí ohun tí mo rí pé Òwúrọ̀Kùtù ti ń gbọ́ nìyẹn.

Abánifọyín
Kò tó o, ó sì dáa tí ẹ béèrè. Ìrora òtútù tó ń tètè lọ sọ ohun kan fún wa: ẹran inú eyín ń bẹ láàyè, bó bá sì ti bínú, ìbínú náà kò tíì kọjá èyí tó lè rọ̀. Kò sọ ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Ìdí eyín tó ṣí lè ṣe é. Akokoro tó ti kọjá èèpo lè ṣe é gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Eyín tó sán lè ṣe é, ìyẹn ni mo ṣe béèrè nípa gígé àti títú. Eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dí lè ṣe é fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìyá Òwúrọ̀Kùtù tọ̀nà pé kò tíì di ńlá, ṣùgbọ́n pé kì í ṣe nǹkan kan, ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìbejì náà gba ibì kan: ọ̀nà ti ṣí dé ọ̀dọ̀ iṣan. Yíyọ eyín ni kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Akokoro tó bá sá pamọ́ sí àárín eyín méjì, dígí yín ò lè fi hàn yín. Ẹ lọ kí wọ́n ya fọ́tò X-ray rẹ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì sí èyí tó rọ̀, kí ẹ fi ìka mẹ́ta péré dì í mú, ọwọ́ ò ní lè ki agbára bọ̀ ọ́. Ẹ ra ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n kọ sí lára pé fún eyín tó ń kan ni. Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá ẹ máa rí pòtásíọ̀mù náítíréètì, ìyẹn potassium nitrate, tàbí fúlóráìdì onísítánọ́ọ̀sì, ìyẹn stannous fluoride. Ìkíní ń mú iṣan rọlẹ̀, ìkejì ń dí ẹnu àwọn ihò yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹ tu ìfófòó dànù lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹ má fi omi yọ́ ẹnu. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lò ó fún ọjọ́ 3, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ló máa ń gbà kó tó hàn.

Ìyá Ìbejì
Kéèyàn má yọ́ ẹnu kẹ̀? Ìdọ̀tí ńkọ́?

Abánifọyín
Ẹ tu ú, Ìyá wa, ẹ má gbé e mì. Ohun tó kù lára eyín ni oògùn. Bí ẹ bá fi omi ṣàn án, gọ́tà lẹ tọ́jú.

Ìyá Ìbejì
Èmi ò lè ṣe é o. Á máa rùn lẹ́nu mi.

Òwúrọ̀Kùtù (lẹ́yìn ọjọ́ 9)
Mo ti lọ. Dókítà fín nǹkan tútù kan sára òwú, ó fi kan eyín kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ṣe pẹ̀lú yìnyín. Èyí tí wọ́n dí dáhùn dáadáa. Èyí tó wà níwájú ta mí, ó tán. Ó fi ìdí dígí kékeré gbá orí gbogbo wọn kọ́kọ́kọ́, kò dùn mí. Ó ní kí n géyín mọ́ igi kékeré kan, kò sí nǹkan kan. Ó ní ìdí rẹ̀ ló ṣí, pé ká kọ́kọ́ fún ọṣẹ náà láyè, bó bá kọ̀ kó wá fi nǹkan bò ó.

Ibi tó yà mí lẹ́nu rèé. Fọ́tò fi òjìji kékeré kan hàn láàárín eyín tí wọ́n dí àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Akokoro tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, inú èèpo nìkan ló ṣì wà. Kò dùn mí rí! Ó ní ká má gbẹ́ ẹ, ká ya fọ́tò mìíràn lẹ́yìn oṣù 6.

Gbólóhùn Kan
Kí ló dé tí ò gbẹ́ ẹ báyìí kó parí? Èmi ò ní dúró.

Abánifọyín
Bí kò bá tíì kọjá èèpo, fúlóráìdì àti fífi òwú fọ àárín eyín lójoojúmọ́ lè dá a dúró. Ohun tí wọ́n bá ti gbẹ́ kò ní hù padà láé. Mo mọ àwọn dókítà tó máa gbẹ́ ẹ, mo mọ àwọn tí ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹni tó rí fọ́tò ló lè sọ.

Ẹ ò rí i bí? Èyí tó ń pariwo ni kò le, èyí tó fẹ́ le ni kò sọ nǹkan kan, torí ibi tó wà, kò sí iṣan níbẹ̀.

Gbólóhùn Kan
Mo ṣì máa gbẹ́ ẹ.

Òwúrọ̀Kùtù (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4)
Mo ń kọ iye tí mo kà sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Àkọ́kọ́, 3. Ìkejì, 3, inú mi ò dùn rárá. Ìkẹta, 2. Lónìí, kó tó pé 1 ó ti tán, kò tilẹ̀ ta mí, ó kan mí díẹ̀ ni. Mo mu ohun mímu kíkan kan láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ tí mo sì fọ eyín lójú ẹsẹ̀, ó tún ta mí dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Abánifọyín
Kíkan yẹn máa ń ṣí ẹnu àwọn ihò náà padà, búrọ́ọ̀ṣì sì bá ara eyín nígbà tó ṣì rọ̀. Ẹ fi omi lásán yọ́ ẹnu, kí ẹ fún un ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá rí i pé iye tí ẹ ń kà ń gòkè, tó bá di pé ẹ kà kọjá 30 kó tó lọ, ẹ má dúró de oṣù 6.

Ìyá Ìbejì, ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Tíì gbígbóná yẹn, bó bá ta yín, ó ń pẹ́ tó kí ó tó lọ?

Ìyá Ìbejì
Ó lè tó ìdajì wákàtí. Lóru àná, ó dìde fúnra rẹ̀. Omi tútù ni mo mu tó fi rọ̀, ni mo bá rántí ọ̀rọ̀ Ẹyẹ Òkín, àyà mi já.

Ẹyẹ Òkín
Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́.

Abánifọyín
Ti yín kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ 4 àti ọṣẹ ìfọyín o. Bí ẹ bá tètè dé ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fọ inú gbòǹgbò rẹ̀ kí eyín náà sì dúró sẹ́nu yín. Bí ó bá dákẹ́ kí ẹ tó lọ, ẹ ṣì lọ.

Ìyá Ìbejì
Mo ti pè wọ́n. Aago 9 àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n fún mi. Ọmọ mi obìnrin ní òun máa bá mi lọ, kí n má bàa ní kí wọ́n yọ ọ́.